Àpótí bọ́ọ̀dù Páì 4 fún ilé-ìwé: òpó, fèrèsé wáyà àti ojú atẹ́gùn

Àjàní Tákíẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ilé-ìwé girama kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n gbé bọ́ọ̀dù Rásíbẹ́rì Páì 4 kan kalẹ̀ sí yàrá ìkàwé wọn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fi fóònù ka ìwé tó wà lórí rẹ̀ láìná owó dátà. Gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà náà ti parí. Àpótí tí bọ́ọ̀dù yóò máa gbé ni ó kù, òun gan-an ni ó sì ń dà mí láàmú. Mo fi OpenSCAD ya àpótí náà, ọ̀rẹ́ mi tó ní ẹ̀rọ títẹ̀ 3D sì bá mi fi ike PLA tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nígbà tí mo fẹ́ gbé bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, kò wọlé, bẹ́ẹ̀ àyè inú àpótí tó o, mo tilẹ̀ fi ààbọ̀ mílímítà sílẹ̀ yí i ká. Mo fi fáìlì họ ìdí fèrèsé USB títí ó fi wọlé tipátipá, òpó méjì nínú mẹ́rin tí bọ́ọ̀dù jókòó lé sì sán nígbà tí mo ń de sùkúrù. Nígbà tí mo wá ki wáyà ṣájà bọ̀ ọ́, kò wọlé dé ìdí: bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án báyìí, bọ́ọ̀dù á kú, á sì tún jí. Èyí tó burú jù ni ooru. Mo gé ojú atẹ́gùn mẹ́jọ sí ìsàlẹ̀ àpótí, síbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, àṣẹ yìí fi 81°C hàn, ìwé sì ń pẹ́ kó tó ṣí lórí fóònù àwọn ọmọ:

```
vcgencmd measure_temp
```

Ògiri àpótí náà nípọn ní mílímítà 2, òpó rẹ̀ ga ní mílímítà 3, ó sì fẹ̀ ní 4. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo ti ṣì í?

Baba Rédíò

Àjàní ọmọ mi, ìsàlẹ̀ tí o gé ojú atẹ́gùn sí ni àṣìṣe rẹ. Òkè ni ooru ń lọ. Láti ìgbà tí a ti ń tún rédíò àtijọ́ ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òkè ni ihò rẹ̀ máa ń pọ̀ sí jù, nítorí ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Dí ti ìsàlẹ̀ pa, kí o sì da ihò bo orí ìdérí náà bí asẹ́. Bí o bá tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ tèmi, fi ike sílẹ̀. Páànù ni kí o ká, páànù a máa gba ooru sára.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní

Ẹ kú ọ̀sán o. Baba tọ̀nà pé òkè ni ooru ń gbà jáde, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbóná kò lè jáde níbi tí afẹ́fẹ́ tútù kò ti rọ́nà wọlé láti rọ́pò rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí a dí ìsàlẹ̀ pa. N óò padà sórí atẹ́gùn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú òpó àti fèrèsé, nítorí tí ìwọ̀n kò bá ti dúró níbì kan, gbogbo ìyókù yóò máa yẹ̀.

Àjàní, mo rò pé etí bọ́ọ̀dù ni o ti bẹ̀rẹ̀ sí wọn fèrèsé rẹ. Ihò sùkúrù ni kí o máa bẹ̀rẹ̀ sí wọn, nítorí òun ni yóò di bọ́ọ̀dù mú nínú àpótí. Etí bọ́ọ̀dù lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ọ̀kan sí èkejì. Bọ́ọ̀dù Páì 4 jẹ́ mílímítà 85 ní gígùn àti 56 ní ìbú. Ihò sùkúrù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jìnnà síra wọn ní 58 sí ọ̀nà gígùn àti 49 sí ọ̀nà ìbú, èyí àkọ́kọ́ sì wà ní 3.5 sí etí méjèèjì. Ihò náà jẹ́ 2.7, sùkúrù M2.5 ni ó gbà. Yíká ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi àyè tó fẹ̀ ní mílímítà 6 sílẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé òpó rẹ lè fẹ̀ dé 6 láìfara kan ohunkóhun. Òpó tó fẹ̀ ní 4, tí ihò wá wà láàárín rẹ̀, ògiri mílímítà kan péré ni ó kù fún un. Dandan ni kí ó sán.

Báyìí ni èmi ń kọ tèmi, tí mo bá ti gbé igun bọ́ọ̀dù sí 0,0, tí ìdí àpótí sì nípọn ní 2:

```
for (x=[3.5, 61.5], y=[3.5, 52.5])
  translate([x, y, 2]) difference() {
    cylinder(d=6, h=5, $fn=48);
    cylinder(d=2.2, h=6, $fn=48);
  }
```

Ihò 2.2 yẹn jẹ́ kí sùkúrù lè gé ọ̀nà tirẹ̀ sára ike. Sùkúrù gígùn 6 ni kí o lò: bọ́ọ̀dù gba nǹkan bí 1.4 nínú rẹ̀, 4.6 tó kù sì wọ inú òpó tó jìn ní 5. Bí o bá lo èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣóńṣó rẹ̀ yóò kan ìdí ihò kí bọ́ọ̀dù tó di, bí o bá sì tún fi agbára yí i, òpó á ya. Mo fura pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwọ náà nìyẹn, nítorí òpó rẹ ga ní 3 péré.

Nípa pé kò wọlé: wo ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù náà dáadáa. Ojú USB yọ síta ní nǹkan bí mílímítà 3 ní ìpẹ̀kun kan, ihò gbohùngbohùn àti ojú ṣájà sì yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí fèrèsé bá yí wọn ká pátápátá lára ògiri, kò sí bí bọ́ọ̀dù ṣe lè ti òkè sọ̀ kalẹ̀ tààrà, nítorí orí ògiri ni ohun tó yọ síta yóò kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí, bí àpótí náà ti wù kó fẹ̀ tó. Bí o kò bá fẹ́ máa dà á dẹ̀gbẹ́, jẹ́ kí fèrèsé náà la orí ògiri já, kí bọ́ọ̀dù lè sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, kí o wá fi ahọ́n kékeré sí ìdérí tí yóò dí àyè òkè fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Fi 0.3 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n náà kí ó má baà há.

Àlàó Sólà

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi náà ti la irú wàhálà ooru yìí kọjá nígbà tí mo kan àpótí pákó fún ìńfátà kan ní ọ̀nà Ìlọrin. Fáànù àjẹkù kọ̀ǹpútà méjì ni mo so mọ́ ọn, ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń tì í jáde, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ẹ fi fáànù sí i, kí ẹ sì fi àyè tó gba ọwọ́ sílẹ̀ láàárín ìńfátà àti pákó.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní

Ọ̀gbẹ́ni Àlàó, ẹ ṣeun. Ìńfátà ọ̀hún a máa da ooru tó pọ̀ jáde nígbà tó bá ń gbé ẹrù. Bọ́ọ̀dù tí à ń sọ yìí kò ju nǹkan bíi wáàtì 3 sí 6 lọ. Bí a bá ṣètò ọ̀nà atẹ́gùn dáadáa, kò nílò fáànù. Fáànù kékeré nínú yàrá eléruku tún jẹ́ ohun kan sí i tí yóò bàjẹ́ nígbà tí olùkọ́ kò ní mọ̀.

Mo ń padà sọ́dọ̀ Àjàní. Ojú ṣájà tí kò wọlé dé ìdí yìí ni mo máa ń rí jù lọ, ohun tó sì ń fà á ni pé ènìyàn a máa gé fèrèsé bá ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì mu, kàkà kí ó gé e bá orí wáyà mu. Irin tó wà lórí wáyà USB-C gùn ní 6.65. Ògiri rẹ jẹ́ 2, àlàfo inú jẹ́ 0.5, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì yọ kúrò létí bọ́ọ̀dù ní nǹkan bíi 1. Èyí fi hàn pé ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní 1.5 sẹ́yìn ojú òde ògiri. Bí fèrèsé bá fún tó bẹ́ẹ̀ tí ike ọrùn wáyà kò fi lè wọ inú rẹ̀, ọrùn náà á dúró síta, 1.5 yẹn á sì dín nínú irin tó yẹ kó wọlé. Ó fọwọ́ kan iná lóòótọ́, ṣùgbọ́n fẹ́rẹ́ ni.

Ìlànà USB gbà kí ọrùn wáyà USB-C fẹ̀ dé 12.35, kí ó sì nípọn dé 6.5. Nítorí náà gé fèrèsé náà ní 13 sí ìbú àti 7 sí gíga. Àárín rẹ̀ wà ní 11.2 sí igun bọ́ọ̀dù tí a pè ní 0,0. Ní ti gíga, ka ìdí àpótí 2, òpó 5, bọ́ọ̀dù 1.4, kí o wá fi ìdajì gíga sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí í ṣe 1.6, kún un: ó jẹ́ 10 gééré láti ilẹ̀. Bí o bá yí gíga òpó padà lọ́la, gbogbo fèrèsé gbọ́dọ̀ bá a sún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ gíga òpó sí orí ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì mi, tí àwọn ìyókù ń kà á láti ibẹ̀.

Jọ̀wọ́, kí o tó dá ooru lẹ́bi pátápátá, tẹ àṣẹ yìí kí o sì sọ ohun tó jáde fún wa:

```
vcgencmd get_throttled
```

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́

Mo kí gbogbo yín láti Ọ̀yọ́. Èmi ni mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ nǹkan jáde níbí, nítorí náà ti ẹ̀rọ ni mo fẹ́ sọ.

Àjàní, ẹ má ṣe tẹ odidi àpótí mọ́ títí fèrèsé yóò fi bá wáyà mu. Àpótí bíi tiyín yóò gba ẹ̀rọ mi tó wákàtí márùn-ún, a sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Wọ́n ti mú iná lọ nígbà tí ó ku ogún ìṣẹ́jú kí iṣẹ́ parí rí, mo sì kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ gé ìdí àpótí kù sí mílímítà kan péré nípọn, ẹ jẹ́ kí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ògiri ẹ̀gbẹ́ ṣájà nìkan dúró lórí rẹ̀, kí ẹ sì gba àárín ìdí náà sófo. Kò ní tó wákàtí kan. Ẹ de bọ́ọ̀dù mọ́ ọn, ẹ ki wáyà ṣájà tí ilé-ìwé yóò máa lò bọ̀ ọ́, kì í ṣe tiyín tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ rántí pé mílímítà kan tí ẹ yọ ní ìdí yóò mú kí gbogbo nǹkan sọ̀ kalẹ̀ ní iye kan náà, nítorí náà láti orí òpó ni kí ẹ ti wọn fèrèsé.

Nípa ihò, ẹ̀gbọ́n Àkànní kọ 2.2, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Lórí tèmi, ihò kékeré a máa kéré sí ohun tí mo kọ, 2.2 a máa jáde bíi 2.0, sùkúrù a sì máa ta kú. 2.4 ni mo ń kọ. Ẹ tẹ òpó mẹ́ta lọ́tọ̀, 2.2, 2.3 àti 2.4, kí ẹ de sùkúrù sínú wọn, kí ẹ mú èyí tó di dáadáa láì sán.

Ohun kan ṣì wà: ẹ fi PLA sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ní nǹkan bí 60°C ni PLA ti ń rọ̀. Bí òrùlé bá jẹ́ páànù tí kò sì sí àjà, tí ike tó sún mọ́ ṣíìpù náà tún ń gba ooru tirẹ̀, òpó á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ sùkúrù, títí ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀dù yóò fi máa mì. Ike PETG máa ń fara dà á dé nǹkan bí 80°C. Ó ń fa okùn nígbà títẹ̀, ó sì máa ń fẹ́ dí ojú atẹ́gùn tó bá kéré sí 1.5, nítorí náà ẹ má gé ojú atẹ́gùn kéré sí 2.

Àjàní Tákíẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Mo tẹ àṣẹ náà, èsì rẹ̀ nìyí:

```
throttled=0x50000
```

Mo tún ní ìbéèrè méjì. Mo fẹ́ gé fèrèsé ojú ṣájà àti ti HDMI méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan gbọọrọ, nítorí ike tó kù láàárín wọn tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ìkejì, ọ̀gá ilé-ìwé ní ara ògiri ni kí n gbé àpótí náà kọ́, kì í ṣe orí tábìlì mọ́. Ṣé ìyẹn yí ọ̀rọ̀ atẹ́gùn padà?

Ẹ̀gbọ́n Àkànní

0x50000 yìí pa 0x10000 àti 0x40000 pọ̀ ni. Èyí àkọ́kọ́ sọ pé iná tó dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù ti lọ sílẹ̀ jù nígbà kan rí láti ìgbà tí o ti tàn án; èkejì sọ pé bọ́ọ̀dù ti dín ìyára rẹ̀ kù rí. Nítorí náà orí wáyà tí kò wọlé dáadáa wà lára ohun tó ń mú kí ìwé pẹ́ kó tó ṣí, kì í ṣe ooru nìkan. Ṣùgbọ́n ooru náà kò gbẹ́yìn, nítorí 80°C ni bọ́ọ̀dù yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí fawọ́ ìyára sẹ́yìn, ìwọ sì rí 81.

Wo ibi tí ojú atẹ́gùn rẹ wà. Abẹ́ bọ́ọ̀dù gan-an ni, tábìlì sì tún dí i nítorí àpótí rẹ kò ní ẹsẹ̀. Ká tilẹ̀ ní ó ní ẹsẹ̀, bọ́ọ̀dù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú àpótí, ààbọ̀ mílímítà péré ni afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá sí òkè, bẹ́ẹ̀ òkè bọ́ọ̀dù ni ṣíìpù tó ń gbóná wà. Afẹ́fẹ́ tútù ń wọ abẹ́, kò sì rí ibi tó ń gbóná dé.

Gbígbé e kọ́ ara ògiri yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ gan-an. Bí bọ́ọ̀dù bá dúró lóòró, afẹ́fẹ́ lè gba iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Yí ìpẹ̀kun USB sí ìsàlẹ̀, kí wáyà lè máa rọ̀ kalẹ̀. Sún ògiri ìpẹ̀kun méjèèjì síta kí àyè mílímítà 6 wà láàárín wọn àti bọ́ọ̀dù, kí o gé ojú atẹ́gùn mẹ́jọ sí ti ìsàlẹ̀ àti mẹ́wàá sí ti òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 2 sí ìbú. Ti òkè kò gbọdọ̀ kéré sí ti ìsàlẹ̀ lápapọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ti sún ògiri ìpẹ̀kun USB jìnnà, wáyà USB kò ní wọlé dé ìdí mọ́, àṣìṣe ti ṣájà nìyẹn tún padà dé. Jẹ́ kí ògiri náà sún mọ́ bọ́ọ̀dù níwájú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó sì yọ síta níbi tó kù.

Nípa fèrèsé gbọọrọ, èmi yóò ní kí o má gé ti HDMI rárá. Kò sí ẹni tí yóò so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn níbẹ̀. Gbẹ́ inú ògiri díẹ̀ kí ojú wọn tó yọ síta lè ráyè, kí o sì fi ojú òde sílẹ̀ ní dídí.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí, èmi kò gbà pẹ̀lú yín lórí HDMI. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù náà bá kọ̀ tí kò tàn dáadáa, tẹlifíṣọ̀n ni Àjàní yóò fi mọ ohun tó ń ṣe é, yóò sì ní láti tú gbogbo àpótí kó tó lè so ó. Kí ó gé èyí tó wà ní 26.0, tó sún mọ́ ojú ṣájà, kí ó sì fi ti 39.5 sílẹ̀. Bí fèrèsé HDMI bá jẹ́ 12, ike tó kù láàárín òun àti ti ṣájà yóò ṣì jẹ́ 2.3. Ìyẹn lè dúró bí ògiri kò bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju 2 lọ.

Baba Rédíò

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo gbà pé ọ̀nà àbáwọlé ṣe pàtàkì. Àwọn rédíò náà kò jókòó lé ilẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ wà lábẹ́ wọn, n kò kàn rántí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń la òkè àpótí yìí, kí ni ẹ óò ṣe sí eruku ọyẹ́? Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì ni ó ń bọ́ sórí ohun gbogbo. Ọmọńlé náà kò ní jẹ́ kí ẹ sinmi, mo ti bá a ní gbígbẹ láàárín ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó jóná. Ìdí tí mo fi sọ páànù nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní

Baba, ọ̀rọ̀ yín lórí eruku kò ṣe é dà sẹ́yìn. Ti páànù ni kò ní ṣiṣẹ́ níbí, nítorí wáì-fáì ni àwọn ọmọ fi ń ka ìwé náà, èéríàlì rẹ̀ sì wà lórí bọ́ọ̀dù gan-an. Páànù yóò dá a dúró sínú àpótí. Ojú òjé tó yọ lábẹ́ bọ́ọ̀dù náà lè kan páànù.

Fún eruku, ẹ jẹ́ kí ìdérí yọ síta lókè bí ìgbátí òrùlé, ní nǹkan bíi mílímítà 10, kí ojú atẹ́gùn òkè wà lábẹ́ ìgbátí náà kí ó sì kọjú síwájú, kì í ṣe sókè. Eruku tó ń bọ̀ láti òkè yóò bà sórí ìgbátí, omi òrùlé tó ń jò náà kò sì ní kán sínú rẹ̀ tààrà. Ọmọńlé tó ti dàgbà kò lè gba 2 wọlé. Èèrà lè gbà á.

Àjàní Tákíẹ́

Mo ti padà dé, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ́kọ́ tẹ ti ìdánwò tí àǹtí Àbẹ̀kẹ́ sọ, mo sì rí i pé fèrèsé ṣájà ṣì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà kan, nítorí mo gbàgbé láti ka nípọn bọ́ọ̀dù mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ odidi àpótí ni, wákàtí márùn-ún ti lọ nìyẹn. Ihò 2.3 ni ó bá ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi mu. PETG ni a fi tẹ̀ ẹ́, àpótí náà sì ti wà lára ògiri láti ọjọ́ Ajé.

Orí wáyà wọlé dé ìdí, kò sì mì mọ́. Ní aago méjì ọ̀sán àná, tí àwọn ọmọ bíi mẹ́rìndínlógún ń kàwé lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 67°C ni mo rí. Mo ti tan bọ́ọ̀dù náà lọ́tun kí àkọsílẹ̀ àtijọ́ lè pa rẹ́, get_throttled sì fi èyí hàn:

```
throttled=0x0
```

Mo gé HDMI kan gẹ́gẹ́ bí àǹtí ti wí, ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú sí mi.

Èèrà ni ó kù. Mo rí wọn méjì lórí ìdérí láàárọ̀ yìí. Mo gbìyànjú láti lẹ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ inú ojú atẹ́gùn méjèèjì, ṣùgbọ́n ooru gòkè dé 73, mo sì mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, eruku yóò dí ojú nẹ́ẹ̀tì náà. Ṣé kí n fi sí ìsàlẹ̀ nìkan, tàbí kí n fẹ ojú atẹ́gùn sí i kí nẹ́ẹ̀tì lè wà lórí méjèèjì?

Baba Rédíò

Fi sí méjèèjì, kí o fẹ ojú rẹ̀ sí i, kí o sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn nẹ́ẹ̀tì náà lóṣooṣù.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́

Olùkọ́ wo ni yóò máa gbọn ọ́n lóṣooṣù, Baba? Ti ìsàlẹ̀ nìkan ni èmi yóò lẹ̀, nítorí apá ibẹ̀ ni wáyà ti ń bọ̀, wáyà ni èèrà sì ń tọ̀ wá. Àjàní, ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé orí ìdérí yẹn ná, kí ẹ tó tẹ òmíràn.